Ọ̀ọ́dúnrún Ìṣẹ́jú Lọ́sẹ̀

Ọdún 1975 ni, ní oṣù kejì, ni Àrínọlá bẹ̀rẹ̀ sí í fi káàdì ránṣẹ́ sí Ìbàdàn ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni nígbà náà. Ó ń tẹ̀wé lórí ẹ̀rọ ní ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Ìgànmú. Òun àti ìyá rẹ̀ ló jọ ń gbé yàrá méjì ní Múṣín. Bàbá rẹ̀ ti kú, kò sì tíì lọ́kọ. Ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ ni dùùrù. Ọdún márùn-ún gbáko ló fi kọ́ ọ lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀jẹ̀túndé, tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Yábàá láti ìgbà tí Àrínọlá ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi.

Àìsàn ọkàn ló lé Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀jẹ̀túndé kúrò ní Èkó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, kò lè gun àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún tó lọ sí ibi tí dùùrù wà mọ́. Kíkẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn, wá kó o lọ sílé rẹ̀. Kí Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀jẹ̀túndé tó lọ, ó bá Alàgbà Mobọ́lájí, wọ́dìn ṣọ́ọ̀ṣì, sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n má wá ẹlòmíì. Ó ní Àrínọlá ló máa bọ́ sí àyè òun, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì mọ iṣẹ́ bíi ọwọ́ rẹ̀. Dùùrù ńlá ni tiwọn, ó ní àwọn igi gbọọrọ tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ nísàlẹ̀, orin tí ẹsẹ̀ sì ń gbé ló máa ń gbé gbogbo ìjọ dúró. Wọ́dìn ní òun fún un ní oṣù mẹ́fà. Tí Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀jẹ̀túndé bá ti kọ̀wé pé ó ti tó, kí Àrínọlá wá tẹ dùùrù ìsìn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí gbogbo ìjọ gbọ́ ọ.

"Mi ò lè máa gbọ́ ọ láti Ìbàdàn," ni Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀jẹ̀túndé wí fún Àrínọlá lọ́jọ́ tí wọ́n ń di ẹrù rẹ̀. "Ohun tó o bá kọ sí mi ni mo máa fi rí ọ. Ra ìwé kékeré kan. Tó o bá jókòó sídìí dùùrù, wo aago, kọ ọ́ sílẹ̀. Tó o bá fẹ́ dìde, wo aago, kọ ọ́ sílẹ̀. Àkókò tó o fi ń wá ojú ìwé, tó o fi ń bá ẹni tó ń gbálẹ̀ sọ̀rọ̀, yọ ọ́ kúrò. Ìgbà tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ bá ń ṣiṣẹ́ nìkan ni kó o kà. Má sì dúró di ọjọ́ Àbámẹ́ta kó o tó máa rántí ti ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ tó o bá tẹ̀ ẹ́ ni kó o kọ ọ́."

"Mélòó ni kí n máa tẹ̀, sà?"

"Àádọ́ta ìṣẹ́jú lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́fà. Sinmi lọ́jọ́ Àìkú. Ọ̀ọ́dúnrún lọ́sẹ̀ nìyẹn. Tó bá di ọjọ́ Àbámẹ́ta, rò wọ́n pọ̀, kọ àfojúsùn wa sí abẹ́ rẹ̀, kó o kọ iye tó kù tàbí iye tó lé. Fi ránṣẹ́ sí mi."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́ ní aago mẹ́rin àbọ̀, Àrínọlá á wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Yábàá, á gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì, á gun òkè lọ. Ó máa ń bọ́ bàtà rẹ̀, á wọ bàtà pẹlẹbẹ kan tó fi pamọ́ sábẹ́ àga. Sikéèlì ẹsẹ̀, ìró láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ló máa ń kọ́kọ́ tẹ̀, ẹsẹ̀ òsì nìkan, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan, lẹ́yìn náà méjèèjì. Tí wọ́n bá mú iná lọ, afẹ́fẹ́ inú dùùrù á tán, á sọ̀kalẹ̀ lọ tẹ hàmóníọ̀mù, dùùrù kékeré tí kò lo iná, tó wà ní yàrá àwọn akọrin, á sì kọ "ọwọ́ nìkan" sí ẹ̀gbẹ́ iye ọjọ́ náà.

Káàdì ọ̀sẹ̀ kẹta rí báyìí:

Ajé 47. Ìṣẹ́gun 62. Ọjọ́rú 35 (iná lọ, ọwọ́ nìkan). Ọjọ́bọ̀ 58. Ẹtì 51. Àbámẹ́ta 44. Àpapọ̀ 297. Àfojúsùn 300. Ó ku 3.

Èsì Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀jẹ̀túndé máa ń dé ní ọjọ́rú tàbí ọjọ́bọ̀, tí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀. "Ìṣẹ́jú mẹ́ta kò ba nǹkan kan jẹ́. Ọjọ́rú ló jẹ mí lógún, ẹsẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kún ti ẹsẹ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Má fi kún orin tuntun." Ó tún lè kọ ní ọ̀sẹ̀ míì pé, "322. O ṣe é. Orin tí mo fún ọ ti rọrùn jù nìyẹn. Bẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀lé e." Iye tí Àrínọlá bá fi ránṣẹ́ ló fi ń pinnu ohun tó máa fún un. Tí iye bá lọ sílẹ̀, á dín iṣẹ́ kù. Tó bá gòkè, á fi kún un. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ Àrínọlá sì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ọ̀nà láì jẹ́ pé ó wolẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan ní oṣù karùn-ún, wọ́n pè é sí tẹlifóònù ní ọ́fíìsì ọ̀gá. Àmúdàtù ni, obìnrin aránṣọ tí wọ́n jọ ń gbé inú ilé kan náà. Ilé ìtajà oògùn ló ti ń pè.

"Àǹtí Àrínọlá, ẹ máa bọ̀ nílé. Màmá ṣubú nídìí kànga. Ẹnu wọn ti yí sí ẹ̀gbẹ́ kan."

Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Wọ́n dá ìyá rẹ̀ dúró ní ilé ìwòsàn fún ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Apá ọ̀tún kò gbéra mọ́. Ọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ sọ máa ń há sí i lọ́fun. Obìnrin tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Èkó pẹ̀lú ẹrù aṣọ òfì lórí, tó fi òwò rẹ̀ tọ́ ọmọ rẹ̀ dé ilé ẹ̀kọ́ gíga, ló wá ń dúró kí ẹnìkan wá yí òun padà lórí ẹní. Àmúdàtù ń bójú tó o láti àárọ̀. Tó bá di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ọmọ ló kù. Àrínọlá ní láti wẹ̀ ẹ́, kó fún un lóúnjẹ díẹ̀díẹ̀ kó má baà há a lọ́fun, kó fa apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ ọ.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ náà, ó mú ìwé kékeré rẹ̀ jáde. Ajé 38. Láti Ìṣẹ́gun dé Ẹtì, òdo. Àbámẹ́ta, ó sáré dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó tẹ̀ fún ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún. Àpapọ̀ 59. Ó kọ ọ́ sórí káàdì, ó wò ó. Ó ronú nípa Wọ́dìn, nípa oṣù mẹ́fà tó ti ń lọ sópin. Ó ronú pé tí Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀jẹ̀túndé bá rí 59, á ní kí wọ́n wá ẹlòmíì. Ó tún ronú nípa ọkàn ọkùnrin náà, pé ìròyìn àìsàn kò dára fún aláìsàn. Ó ya káàdì náà sí méjì. Ó mú òmíràn, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé 52, 48, 50, 51, 49, 50. Àpapọ̀ 300. Àfojúsùn 300. Ó rò pé tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun á tẹ̀ ẹ́ tán, òun á sì san gbèsè ìṣẹ́jú náà padà.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, àádọ́rin ìṣẹ́jú péré ló rí. Ó kọ 300. Ọ̀sẹ̀ kẹta, àádọ́rùn-ún. Ó kọ 300. Èsì Ìbàdàn sì ń dé. "Àrínọlá, o ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Inú mi dùn gan-an. Mo ti fún ọ ní orin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le jù lọ nínú ìwé yẹn, torí mo rí i pé iye rẹ kò lọ sílẹ̀ mọ́." Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹta ni Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀jẹ̀túndé kọ̀wé sí Wọ́dìn pé ó ti tó. Wọ́n dá ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹfà fún ìsìn náà. Àrínọlá ka lẹ́tà tó fi sọ ọ́ fún un. Ó mú káàdì, ó kọ "Sà, ẹ jọ̀wọ́," ó sì jókòó tì í títí ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ òsì lu ògiri nínú yàrá pé òun fẹ́ tọ̀. Kò kọ ìyókù. Ó fi 300 míì ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ kẹrin, ó tún fi òmíràn ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ karùn-ún.

Ọjọ́ Àìkú náà dé. Ìjọ kún. Orin àkọ́kọ́ lọ dáadáa, torí ó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Sáàmù náà lọ. Orin kejì ni èyí tí Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀jẹ̀túndé fún un nígbà tó rò pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti le. Ní ẹsẹ kejì orin náà, ẹsẹ̀ òsì Àrínọlá tẹ igi tí kò yẹ kó tẹ̀, ohùn ńlá kan tó burú jáde. Ó wolẹ̀ láti wá èyí tó tọ́. Nígbà tó gbójú sókè, ìjọ ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Ó gbìyànjú láti bá wọn, ọwọ́ rẹ̀ sì tú. Ó dúró. Ìjọ ń kọrin lọ láì sí dùùrù, ohùn wọn ń dínkù, àwọn mìíràn ń wo ẹ̀yìn. Olórí akọrin ló gbé orin náà dé òpin. Orin tó kù, ọwọ́ nìkan ni Àrínọlá fi tẹ̀ wọ́n, kò gbé ẹsẹ̀ sí ìsàlẹ̀ mọ́.

Alàgbà Mobọ́lájí dúró dè é nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Kò bínú. Ìyẹn ló dùn ún jù.

"Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀jẹ̀túndé ló kọ̀wé sí wa pé o ti ṣe tán," ló wí. "Mo ní lẹ́tà yẹn lọ́wọ́. Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ fún un."

"Ẹ má sọ nǹkan kan, sà. Èmi ni mo máa sọ fún wọn."

Ṣùgbọ́n Wọ́dìn ti kọ̀wé kó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Àrínọlá bẹ Àmúdàtù pé kó bá òun dúró ti ìyá òun títí di ìrọ̀lẹ́. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Kíkẹ́ ló ṣílẹ̀kùn fún un ní Mọ́kọ́lá, ó ní kí ó rọra, pé Bàbá kò sùn dáadáa láti àárín ọ̀sẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀jẹ̀túndé jókòó sórí àga gbọọrọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lórí ìrọ̀rí, wọ́n wú bí ẹni pé omi ló kún inú wọn. Ogún káàdì tí Àrínọlá kọ ló tò sórí itan rẹ̀.

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, sà."

"Jókòó." Ó mú márùn-ún tó kẹ́yìn nínú àwọn káàdì náà, ó nà wọ́n sí i. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, o ò kan 300 gẹ́lẹ́ rí. 297, 322, 281, 306. Bí èèyàn ṣe ń tẹ dùùrù nìyẹn, iná ń lọ, orí ń fọ́, bọ́ọ̀sì ń pẹ́. Lẹ́yìn náà, 300, ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Wò ó. Iwájú mi ni wọ́n wà láti oṣù karùn-ún, mi ò rí i. Ó wù mí kó rí bẹ́ẹ̀ ni mi ò ṣe rí i."

Àrínọlá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti ìdí kànga dé orí ẹní ìyá rẹ̀. Ó sọ iye tòótọ́ tó wà nínú ìwé kékeré náà, torí kò purọ́ sínú ìyẹn rárá. 59. 70. 90. 64. 81. Bàbá náà ń gbọ́, ó di ojú rẹ̀.

"Ìyá rẹ ń ṣàìsàn, o ò sọ fún mi."

"Mo rò pé ẹ máa ní kí wọ́n wá ẹlòmíì, sà."

"Kí ni mo ní kó o máa kọ iye yẹn fún? Ṣé kí n fi nà ọ́ ni?" Ó dúró kó mí. "Tó o bá kọ 59 sí mi, mo máa mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Mo máa gba orin yẹn lọ́wọ́ rẹ. Mo máa ní kó o tẹ ogún ìṣẹ́jú lóòjọ́, ẹsẹ̀ nìkan, kó má baà gbàgbé. Mo máa kọ̀wé sí Mobọ́lájí pé kó sún ìsìn náà di Ìkórè, á sì gbà, torí èmi ló ń bẹ̀ ẹ́. Mo ṣì lágbára ìyẹn. Òun nìkan ni agbára tó kù fún mi, Àrínọlá. Mi ò lè gun òkè, mi ò lè tẹ nǹkan kan. Mo lè wo káàdì kan kí n mọ ohun tó yẹ kí n sọ. O gba ìyẹn lọ́wọ́ mi."

Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Àrínọlá kò tíì rí i kó sunkún rí. Ó fi orí kan ilẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Kíkẹ́ yọjú láti ẹnu ọ̀nà, ó sì padà.

"Ọgọ́fà," ni Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀jẹ̀túndé wí. "Ogún ìṣẹ́jú, ọjọ́ mẹ́fà. Tó o bá rí mẹ́wàá, kọ mẹ́wàá. Tó bá jẹ́ òdo, kọ òdo, kó o kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́."

"Wọ́n ti mú ẹlòmíì ní ṣọ́ọ̀ṣì, sà. Ọkùnrin kan ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta lóṣù tó ń bọ̀."

"Mo mọ̀. Mobọ́lájí sọ fún mi. Mi ò sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì."

Àrínọlá padà sí Èkó. Wọ́n ṣì jẹ́ kó máa lo dùùrù ní ìrọ̀lẹ́, ó sì ń lọ nígbà tó bá lè lọ. Káàdì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìyẹn: 22, 0 (Màmá ń gbóná), 0 (bẹ́ẹ̀ náà), 18, 25, 19. Àpapọ̀ 84. Àfojúsùn 120. Ó ku 36. Èsì dé, ọwọ́ Kíkẹ́ ló kọ ọ́, ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ni. "Ṣé ìgbóná náà ti lọ? Fi 100 ṣe àfojúsùn ọ̀sẹ̀ yìí. Kí Màmá." Ó fi káàdì kejì ránṣẹ́, 103. Èsì rẹ̀ dé. Ó fi ẹ̀kẹta ránṣẹ́, ó di Ọjọ́bọ̀, kò sí èsì. Ó fi ẹ̀kẹrin ránṣẹ́.

Lẹ́tà tó dé ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹjọ wà nínú àpòòwé. Kíkẹ́ kọ ọ́ pé Bàbá sùn lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò jí mọ́. Ó ní òun ka káàdì kẹta sí i létí, ó gbọ́ ọ, ó ní òun máa fèsì lọ́la. Ẹ̀kẹrin dé lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé e kúrò nílé.

Wọ́n sin ín ní Ìbàdàn. Àrínọlá jókòó sẹ́yìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí kò mọ̀, ẹlòmíràn ló tẹ dùùrù, ó sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nípa káàdì. Nígbà tí Kíkẹ́ dì mọ́ ọn, wọ́n sunkún, ohun tí wọ́n lè ṣe nìyẹn.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé e, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní ìyá rẹ̀, ó ń ro ìṣẹ́jú ọ̀sẹ̀ náà pọ̀ torí ó ti mọ́ ọn lára. Ó rò wọ́n tán, kò mọ ohun tó máa fi ṣe. Ìyá rẹ̀ ń wò ó. Láti ìgbà tó ti Ìbàdàn dé ló ti sọ ohun gbogbo fún un, ìyá náà sì ti sunkún nítorí rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ òsì gbá àyà pé òun ni òun ba iṣẹ́ ọmọ òun jẹ́. Àrínọlá ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹnu ìyá náà ṣí, ó ń wá ọ̀rọ̀. Ó pẹ́ kó tó jáde.

"Mé... mélòó?"

"Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, Màmá."

Ìyá rẹ̀ mi orí sókè sódò. Ó tún ń wá ọ̀rọ̀ míì, kò rí i, ó sì fi ọwọ́ òsì rẹ̀ kan ìwé náà. Àrínọlá jẹ́ kó dì í mú.

Oṣù mẹ́jọ ni ìyá náà tún lò láyé. Ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, Àrínọlá máa ń sọ iye fún un. Nígbà tó kú, ní oṣù kẹrin ọdún 1976, Àrínọlá pa ìwé náà dé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò sì dé ibi dùùrù rárá. Ọkùnrin Abẹ́òkúta náà tẹ̀ dáadáa, ìjọ fẹ́ràn rẹ̀. Ní ìparí ọdún náà, ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan ní Ìdí-Òró, tí kò ní ju hàmóníọ̀mù kan lọ, bẹ Àrínọlá pé kó wá bá wọn tẹ̀ ẹ́. Hàmóníọ̀mù kò ní orin ẹsẹ̀, afẹ́fẹ́ nìkan ni ẹsẹ̀ ń fẹ́ sí i. Ó gbà, ó mú ìwé kékeré rẹ̀, ó sì lọ.